Ọkàn tó ń yára sí i nígbà tí ẹsẹ̀ kò yára: omi ló tán ni, àbí ooru?

Obìnrin tí mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ yìí ti ń sáré fún ọdún mẹ́rin kó tó wá bá mi. Ó ń múra sílẹ̀ fún eré kìlómítà 42. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ló máa ń sá eré gígùn rẹ̀, kìlómítà 20 lórí ọ̀nà tó tẹ́jú, ìṣẹ́jú 6 àti ìṣẹ́jú àáyá 15 fún kìlómítà kọ̀ọ̀kan, kò ní yára, kò ní fà. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀dùn tó gbé wá ni pé ọkàn òun kì í dúró sójú kan bí ẹsẹ̀ òun ṣe ń dúró. Láàárín ìṣẹ́jú 20 sí 30, ọkàn rẹ̀ ń lù ní ìgbà 141 ní ìṣẹ́jú kan. Ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn, ó ti di 162.

“Ẹ̀gbọ́n, omi ló ń tán lára mi,” ló wí fún mi. Kò bi mí ní ìbéèrè o, ó ti dá ẹjọ́ náà tán. Ohun tó ń fẹ́ lọ́dọ̀ mi ni kí n sọ iye omi tó yẹ kó máa mu.

Mo ní kó ka ohun tó ti ṣe fún mi. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, omi ìdajì lítà péré ló mu lójú ọ̀nà, ìlù ọkàn sì parí sí 162. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ó mu lítà kan, ó parí sí 159. Inú rẹ̀ dùn, ó ní òun ti rí ojútùú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta ó mu lítà kan àtààbọ̀, ó parí sí 157. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ó mu lítà méjì ó lé díẹ̀. Ìlù ọkàn ṣì wà ní 157, kò wálẹ̀ mọ́. Ikùn rẹ̀ ń ró gbọ̀nhìn-gbọ̀nhìn bó ṣe ń sáré, òrùka ìka rẹ̀ fún un, orí sì ń fọ́ ọ títí di ọ̀sán. Ó rò pé omi náà kò tíì tó ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin yẹn ló mú kí n gbé ọ̀rọ̀ náà ní kíákíá. Ìka tó wú, orí tó wúwo àti ikùn tó kún fún omi lẹ́yìn eré gígùn kì í ṣe àmì ẹni tí omi tán lára rẹ̀. Ó lè jẹ́ àmì ẹni tó mu omi ju ohun tó là lọ, tí omi wá fẹ́ bo iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Èyí léwu ju kí ènìyàn gbẹ díẹ̀ lọ. Bó bá le, ọpọlọ lè wú, ẹni náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ségesège, gìrì lè mú un. Mo ní kó dẹ́kun fífi kún omi títí a ó fi wọ̀n ọ́n.

Ìwọ̀n yẹn ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tó kù. Nínú oṣù kan tó fi ń ṣe àwárí, ó ti mọ ìlù ọkàn rẹ̀ ní gbogbo ìṣẹ́jú, ṣùgbọ́n kò tíì gun òṣùwọ̀n rí. Ìlù ọkàn kò lè sọ ohun tó ń lé e fún ẹnikẹ́ni. Ooru ń lé e, gbígbẹ omi ara ń lé e, bẹ́ẹ̀ ni gígùn eré fúnra rẹ̀ ń lé e. Lójú aago ọwọ́, ilà kan náà tó ń gòkè jẹ́jẹ́ ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ìgòkè jẹ́jẹ́ yìí, nítorí ara tó pé, tó sì le, náà ń ṣe é. Ẹ̀jẹ̀ tí ọkàn ń tì jáde ní ìṣẹ́jú kan jẹ́ iye ìgbà tó lù, lọ́nà iye ẹ̀jẹ̀ tó jáde nínú ìlù kọ̀ọ̀kan. Bí eré kò bá yára sí i, ẹsẹ̀ kò béèrè ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ká fi ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ara nílò lítà 16 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ọkàn bá ń lù ní ìgbà 141, ìlù kọ̀ọ̀kan á tì nǹkan bíi mílílítà 113 jáde. Bí ìlù kọ̀ọ̀kan bá dín kù sí mílílítà 102, ọkàn gbọ́dọ̀ lù ní ìgbà 157 kí lítà 16 yẹn tó pé. Nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí ogún lẹ́yìn tí eré bẹ̀rẹ̀ ni ìyípadà yìí máa ń bẹ̀rẹ̀, á sì máa lọ bẹ́ẹ̀ títí eré á fi parí.

Kí ló mú kí ìlù kọ̀ọ̀kan dín kù? Àlàyé tó ti pẹ́ jù ni pé bí ara ṣe ń gbóná, ẹ̀jẹ̀ ń ya lọ sí awọ ara láti lọ tú ooru dà, èyí tó ń padà sínú ọkàn sì ń dín kù. Àlàyé kejì sọ pé ooru inú ara ló ń ti ọkàn láti sáré, bó sì ṣe ń sáré, àyè tó ní láti kún kí ó tó lù ń kéré sí i. Àlàyé kejì yìí ní ẹ̀rí tó lágbára. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1999, àwọn oníwàádìí fún àwọn agunkẹ̀kẹ́ ní ìwọ̀nba oògùn tí kì í jẹ́ kí ọkàn sáré ju bó ṣe yẹ. Ìlù ọkàn wọn kò gòkè bíi ti tẹ́lẹ̀, iye ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde nínú ìlù kọ̀ọ̀kan kò sì lọ sílẹ̀ mọ́. Èrò tèmi ni pé méjèèjì ń ṣiṣẹ́ pọ̀, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ń sáré, ibi kan náà ni wọ́n gbé wa dé: ooru ara ni olórí ohun tó ń lé ọkàn.

Níbo wá ni omi wọlé sí? Òógùn tí à ń là ń ti inú omi ẹ̀jẹ̀ wá pẹ̀lú. Bí kò bá sí ohun tó rọ́pò rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á dín kù, awọ ara kò ní rí ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ tó láti tú ooru dà, ara á sì túbọ̀ gbóná. Ní 1992, Montain àti Coyle jẹ́ kí àwọn agunkẹ̀kẹ́ ṣiṣẹ́ fún wákàtí méjì nínú ooru, wọ́n sì fún wọn ní ìwọ̀n omi tó yàtọ̀ síra láti ọjọ́ kan sí òmíràn. Bí omi ara ṣe dín kù tó, bẹ́ẹ̀ ni ìlù ọkàn àti ooru inú ara ṣe gòkè tó. Nítorí náà, gbígbẹ omi ara kì í ṣe àrùn mìíràn tó dá dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ń dá igi kún iná kan náà ni. Bí a bá bi ara wa pé “èwo ni nínú méjèèjì?”, a ti ṣìnà. Ìbéèrè tó tọ́ ni pé nínú ìlù 21 tó gòkè yìí, mélòó ni ti omi, mélòó sì ni ti ooru?

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, mo wo àkọsílẹ̀ aago rẹ̀, mo sì rí ohun kan tí kò tọ́. Nínú ọ̀kan lára àwọn eré náà, ìlù ọkàn fò láti 146 sí 168 láàárín ìṣẹ́jú kan, ó sì dúró gbọin síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mọ́kànlá. Iye ìgbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń kan ilẹ̀ ní ìṣẹ́jú kan náà jẹ́ 168. Aago tó ń fi iná wo ẹ̀jẹ̀ lọ́rùn ọwọ́ ti ń ka ẹsẹ̀ dípò ọkàn. Ìgòkè tí à ń sọ yìí kì í fò, jẹ́jẹ́ ló ń rìn. Mo ní kó so bẹ́líìtì àyà mọ́ra láti ọjọ́ náà lọ, a sì yọ eré ọjọ́ yẹn kúrò nínú ìṣirò.

Eré mẹ́ta la ṣètò, ọjọ́ méje ó kéré tán láàárín ọ̀kan sí èkejì. Ọ̀nà kan náà, ìyára kan náà. Ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́ kò sí nínú ìṣirò, nítorí ọkàn ṣì ń gòkè láti ibi ìsinmi ní àsìkò yẹn, ìgòkè náà kò sì jẹ mọ́ ohun tí à ń wá. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 la fi wé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó kẹ́yìn. Ohun kan tí mo tẹnu mọ́ gidigidi ni pé kò gbọdọ̀ sáré sí i ní ìparí. Púpọ̀ ènìyàn máa ń yára nígbà tí ilé bá sún mọ́, wọn á wá máa wá ìdí tí ọkàn wọn fi gòkè.

Ìwọ̀n náà ní ètò tirẹ̀. Kó tó jáde, á tọ̀, á bọ́ gbogbo aṣọ, á gun òṣùwọ̀n. Bó bá dé, á bọ́ aṣọ, á nu òógùn ara àti ti irun gbẹ, á tún gùn ún kó tó mu ohunkóhun. Ẹni tó bá wọn ara rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ eré tó rin gbingbin ń wọn òógùn tó ti kúrò lára rẹ̀ mọ́ ara rẹ̀ ni. Ìgò omi náà la wọ̀n nígbà tó ń lọ àti nígbà tó bọ̀. Kìló kan tó lọ, ká kà á sí lítà kan. Òógùn tó là jẹ́ ìwọ̀n tó dín kù, ká fi omi tó mu kún un, ká sì yọ ìtọ̀ tó bá tọ̀ lójú ọ̀nà kúrò. Díẹ̀ nínú ìwọ̀n tó lọ kì í ṣe omi, ó jẹ́ ọ̀rá àti ṣúgà tí ara jó, ṣùgbọ́n nínú eré wákàtí méjì kò tó ohun tó lè yí ìdájọ́ padà.

Eré kìíní: dígírì 28, bí ojú ọjọ́ ṣe máa ń rí nígbà tó bá ń sáré. Ó mu lítà 1.2. Ó lọ pẹ̀lú kìló 62.3, ó bọ̀ pẹ̀lú 61.8. Ìdajì kìló ló lọ. Bí a bá fi lítà 1.2 tó mu kún un, òógùn rẹ̀ jẹ́ lítà 1.7. Ohun tó sọnù lára rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀. Síbẹ̀ ìlù ọkàn gòkè láti 141 sí 157, ìyẹn ìlù mẹ́rìndínlógún. Nígbà tí mo fi hàn án, ó dákẹ́ díẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, omi kò tán lára mi nígbà náà.” Kò tán. Lítà 1.7 yìí tún ṣàlàyé ọ̀sẹ̀ kẹrin fún wa: ẹni tó ń là lítà 1.7 tó sì mu lítà méjì ó lé, ó ti padà sílé pẹ̀lú omi tó ju èyí tó gbé jáde lọ.

Eré kejì: kí ilẹ̀ tó mọ́, dígírì 17. Omi lítà 0.6 péré ló mu, nítorí mo mọ̀ pé kò ní là púpọ̀, mo sì fẹ́ kí omi tó sọnù sún mọ́ ti eré kìíní. Ó lọ pẹ̀lú 62.4, ó bọ̀ pẹ̀lú 61.8. Ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún ló sọnù. Ìlù ọkàn bẹ̀rẹ̀ láti 137, ó parí sí 145. Ìlù mẹ́jọ péré! Ó gbẹ díẹ̀ ju ti eré kìíní pàápàá, ìgòkè sì dín sí ìdajì. Afẹ́fẹ́ tó tutù nìkan ló yàtọ̀.

Eré kẹta ni mo rò ó kí n tó gbà. A padà sí dígírì 28, ó kàn ń fi omi yọ ẹnu ni, lítà 0.2 ni gbogbo ohun tó gbé mì. A ṣètò pé kó máa yí ojú ọ̀nà kúkúrú kan po kí n lè máa rí i, àti pé bí òòyì bá kọ́ ọ tàbí tí òtútù bá mú un nínú oòrùn, eré parí. N kò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú láti dá irú rẹ̀ ṣe. Ó lọ pẹ̀lú 62.2, ó bọ̀ pẹ̀lú 60.7: kìló kan àtààbọ̀, ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlù ọkàn gòkè láti 141 sí 165, ìlù mẹ́rìnlélógún.

Ẹ jẹ́ ká tò wọ́n síra. Ìlù mẹ́jọ wà níbẹ̀ kódà nínú òtútù, pẹ̀lú omi tó tó. Ti gígùn eré nìyẹn, a kò lè mú un kúrò. Ooru dígírì 28 fi mẹ́jọ kún un. Gbígbẹ ní ìdá 2.4 dípò ìdá 0.8 tún fi mẹ́jọ mìíràn kún un, nǹkan bí ìlù márùn-ún fún ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún tó sọnù. Iye tó kẹ́yìn yìí bá ohun tí mo ti rí lára àwọn mìíràn mu, mẹ́ta sí márùn-ún fún ìdá kan, ṣùgbọ́n kálukú ni kó wọn tirẹ̀.

Ní báyìí, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó fi ń dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀ ti yé wa. Láti ìdajì lítà sí lítà kan àtààbọ̀, omi mú ìlù márùn-ún kúrò lóòótọ́, nítorí pé lọ́jọ́ tó mu ìdajì lítà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tó ìdá méjì. Ibẹ̀ ni omi parí iṣẹ́ rẹ̀. Ìlù mẹ́rìndínlógún tó kù kì í ṣe ti omi, kò sì sí iye omi tó lè mú un lọ. Mo ka èyí sí àmì tó dára jù fún ẹni tí kò ní òṣùwọ̀n lọ́wọ́: bí o bá fi omi kún omi tí ìlù ọkàn wálẹ̀ díẹ̀ tó sì dúró, ibi tó dúró sí yẹn, ooru àti gígùn eré ló kù níbẹ̀.

Àwọn àmì mìíràn tún wà tó ràn wá lọ́wọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èyí tó tó òṣùwọ̀n. Lẹ́yìn eré kìíní, ó dúró sábẹ́ ibòji, ó da omi sí ọrùn àti apá, ìlù ọkàn sì ti di 104 lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn eré kẹta, ohun kan náà ló ṣe, ó ṣì wà ní 121. Bí ooru bá jáde, ọkàn tí ooru ń lé á tètè rọlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó dín kù kò ní padà nítorí ibòji. Omi tí a bá mu pẹ̀lú kì í dénú ẹ̀jẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó ní láti gba inú ìfun kọjá. Nítorí náà, ẹni tó bá dúró mu omi tí ìlù ọkàn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, dídúró tó dúró ló ràn án lọ́wọ́.

Àwọ̀ ìtọ̀ ńkọ́? Lẹ́yìn eré gan-an, n kì í gbára lé e, torí kíndìnrín máa ń fa ọwọ́ sẹ́yìn nígbà tí ara bá ń ṣiṣẹ́, ìtọ̀ díẹ̀ tó pọ́n lè jáde lára ẹni tí omi rẹ̀ kò dín tó bẹ́ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló wúlò. Nígbà náà mo máa ń wo mẹ́ta pọ̀: ṣé ìwọ̀n ara kéré sí ti àwọn àárọ̀ yòókù, ṣé ìtọ̀ dúdú, ṣé òùngbẹ ń gbẹ ẹ́? Ọ̀kan péré kò tó láti dájọ́. Bí méjì bá pé, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé omi dín kù lóòótọ́. Lẹ́yìn eré kẹta, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló pé.

Àwọn kan máa ń sọ pé níwọ̀n bí ìgòkè yìí ti jẹ́ ohun tí ara ń ṣe, kí ènìyàn pa ojú rẹ̀ dé. N kò gbà. Bí ara ṣe ń gbóná tí ìlù ọkàn ń yọ́ gòkè, agbára tó ga jù tí ara lè mú jáde náà ń wálẹ̀. Ìyára kan náà ti wá di iṣẹ́ tó le jù fún ara bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kò mọ̀. Òun náà rí i: nínú eré kejì ó ń bá mi sọ gbólóhùn tó gùn dé òpin, nínú eré kẹta, láti kìlómítà 17 lọ, ọ̀rọ̀ méjì-mẹ́ta ló ń sọ kó tó mí.

Àlà kan wà tí ìṣirò wa kò kọjá. Ìlù ọkàn tó fò lójijì tí kì í ṣe àṣìṣe aago, tó ń lù ségesège, tàbí tó bá àyà dídùn, òòyì tàbí dídákú rìn, kò sí nínú ohun tí mo ń kọ yìí. Dókítà ló ni ín. Ibà, àìsùn àti àwọn oògùn kan náà máa ń gbé ìlù ọkàn sókè, ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ eré ni wọ́n ti máa ń fi ara hàn. Bí 141 rẹ̀ bá ti jẹ́ 150 ní ìṣẹ́jú 20, eré ọjọ́ náà kò ní wọ inú ìṣirò wa.

A yí ohun mẹ́ta padà. Omi di nǹkan bíi lítà 0.6 ní wákàtí kan nínú ooru, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú òfin pé kò gbọdọ̀ padà sílé kó wúwo ju bó ṣe jáde lọ. Ní ọjọ́ ooru, ó fi ìṣẹ́jú àáyá 15 kún kìlómítà kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn má bàa di iṣẹ́ mìíràn. Ẹ̀kẹta, fún ọjọ́ mẹ́rìnlá, ó gbé àwọn eré kúkúrú rẹ̀ lọ sí ìgbà tí oòrùn mú, kí ara lè kọ́ ooru. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ méjì, omi inú ẹ̀jẹ̀ máa ń pọ̀ sí i, òógùn á sì máa tètè jáde. Ó yà á lẹ́nu nígbà tí òógùn rẹ̀ pọ̀ sí i dípò kó dín kù, a sì ní láti wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i: ó ti kúrò ní lítà 1.7, ó di lítà 2 nínú wákàtí méjì náà.

Lẹ́yìn náà a tún sá eré kìíní, dígírì 28, ìyára àtijọ́. Ó mu lítà 1.4, ó pàdánù kìló 0.6. Ìlù ọkàn bẹ̀rẹ̀ láti 138, ó parí sí 149. Ìlù mọ́kànlá. Ó bi mí bóyá mọ́kànlá yẹn náà lè lọ. Mo ní mẹ́jọ ló ní nínú òtútù, nítorí náà mẹ́ta péré ló kù tí ooru ń jẹ wá.